Dín Kúrò Nínú Kí Ni? Lámèyítọ́ lórí "Ó Ń Dín Ewu Kù" Nínú Ìpolówó Oògùn

Àkótán

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe lámèyítọ́ gbólóhùn kan láti inú ìpolówó oògùn Lipitor ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, èyí tí ó sọ pé oògùn náà ń dín ewu ìkọlù ọkàn kù ní ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo fi hàn pé iye náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n pé gbólóhùn náà kò sọ ohun tí a ti yọ iye náà. Bí a bá gbé e wá sí Yorùbá, gírámà èdè wa a máa béèrè ohun tí wọn kò sọ náà, òǹkàwé yóò sì wá nǹkan fi dí àyè rẹ̀. Ẹni tí ó fara balẹ̀ kà á ni ó sì máa ń ṣì í yàn jù. Mo fi ètò òǹkà wa, níbi tí ọ̀rọ̀ ìṣe "dín" ti ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ṣe òṣùwọ̀n fún irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀.

1. Ìbéèrè kan ní Daagbé

Daagbé, ní kọ́mínì Ifangni, ni ilé wa wà. Kò jìnnà sí ẹnubodè Igolo, níbi tí a ti ń kọjá sí Ìdírókò. Nítorí bẹ́ẹ̀, bí a ti ń sọ Yorùbá nílé, bẹ́ẹ̀ ni Faransé ń bá ìwé ìjọba àti ìwé oògùn wọlé, tí Gẹ̀ẹ́sì náà sì ń bá ọjà wọlé láti ìhà Nàìjíríà. Ohun tí a bá kà ní èdè kan, èdè mìíràn ni a fi ń rò ó, èdè mìíràn ni a sì fi ń sọ ọ́ fún àwọn àgbà.

Ní ìgbà kan tí mo lọ sinmi nílé, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, fi ìwé pélébé kan hàn mí. Ìwé náà ń polówó oògùn kan tí ó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù. Bàbá wa ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ oògùn rẹ̀ ti ń jẹ owó ilé. Ìwé náà sọ ní Faransé pé oògùn yìí ń dín ewu ìkọlù ọkàn kù ní ìdá tí ó lé ní ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi bírò fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó sì ti ṣírò iye tí oògùn náà yóò jẹ fún ọdún kan sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà.

Ó ní, "Àbúrò mi, bí a bá kó ọgọ́rùn-ún bàbá bíi Bàbá jọ, tí gbogbo wọn ń lo oògùn yìí, ó lé ní ọgbọ̀n nínú wọn tí yóò tìtorí rẹ̀ bọ́. Ṣé ìyẹn kò tó ohun tí a lè tìtorí rẹ̀ ta àgbá epo méjì?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún un kà. Níbo ni wọ́n ti kọ ọgọ́rùn-ún bàbá síbẹ̀?"

Ó tún un kà, ó fi ìka tọ́ ọ láti ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wojú mi pé, "Ọgọ́rùn-ún kí ni, nígbà náà?"

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ tọ pinpin níhìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ẹni tí kò mọ ìṣirò, kò sì kánjú kà á. Ó kà á bí ẹni tí ó mọ ìwé kà ṣe ń kà, síbẹ̀ ohun tí ó mú jáde nínú rẹ̀ kò sí níbẹ̀. N kò ní fi ìwé pélébé yẹn gan-an ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ìwádìí tí wọ́n gbé e kà kò sí nínú rẹ̀. Ìpolówó kan wà tí ó jẹ́ ẹ̀yà rẹ̀, tí gbogbo ayé ti rí, tí a sì mọ orí ìwádìí tí ó dúró lé. Òun ni mo yàn.

2. Ìpolówó náà àti ìwádìí tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀

Lipitor jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí a ń pè ní sítátìn, tí wọ́n ń dín kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kù nínú ẹ̀jẹ̀. Ilé iṣẹ́ Pfizer ni ó ń tà á nígbà ìpolówó náà. Láti ọdún 2006, ilé iṣẹ́ náà lo Robert Jarvik, ẹni tí a mọ̀ mọ́ ọkàn àtọwọ́dá tí ń jẹ́ Jarvik-7, láti polówó rẹ̀. Nínú ìpolówó tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn, lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n fi kọ ọ́ pé Lipitor ń dín ewu ìkọlù ọkàn kù ní ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún. Àmì ìràwọ̀ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye náà. Bí ojú bá tẹ̀lé àmì náà dé ìsàlẹ̀, yóò bá àlàyé kan pàdé ní lẹ́tà wínníwínní: nínú ìwádìí ńlá kan, ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n lo hóró tí kò ní oògùn nínú ni ìkọlù ọkàn mú, ìdá 2 ni ó sì mú nínú àwọn tí wọ́n lo Lipitor.

Ìwádìí náà ni a ń pè ní ASCOT. Ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ni ó gbé àbájáde apá ti Lipitor jáde ní ọdún 2003. Àwọn 10,305 ènìyàn ni wọ́n wà nínú apá yìí, ní Bìrìtìkó, Áyálándì àti àwọn orílẹ̀-èdè àríwá Yúróòpù. Gbogbo wọn ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ọjọ́ orí wọn wà láàárín ogójì sí mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ó kéré tán ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní nǹkan mẹ́ta mìíràn tí ó lè mú kí ọkàn rẹ̀ wà nínú ewu, bíi sìgá mímu tàbí àtọ̀gbẹ. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì. Wọ́n fẹ́ ṣọ́ wọn fún ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n wọ́n dá apá yìí dúró lẹ́yìn ọdún mẹ́ta àti díẹ̀ nítorí pé ìyàtọ̀ ti hàn.

Ohun tí wọ́n rí rèé. Nínú 5,137 tí wọ́n lo hóró tí kò ní oògùn, 154 ni ìkọlù ọkàn mú tàbí tí àrùn ọkàn pa. Nínú 5,168 tí wọ́n lo Lipitor, 100 ni. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò náà pọ̀:

154 ÷ 5137 = 3.00 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn
100 ÷ 5168 = 1.93 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà fi iye méjì yìí wé ara wọn. Bí a bá yọ ìkejì kúrò nínú èkíní, ohun tí ó kù jẹ́ 1.07. Èyí ni pé, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, bíi ẹnì kan ni oògùn náà yọ nínú ewu. Èyí ni mo ń pè ní ìdínkù oníye orí, nítorí pé orí ènìyàn ni a fi kà á. Bí a bá sì pín ìkejì pẹ̀lú èkíní, a ó rí 0.64. Èyí túmọ̀ sí pé ewu àwọn tí wọ́n lo oògùn jẹ́ ìdá 64 nínú ọgọ́rùn-ún ewu àwọn tí kò lò ó. Ohun tí ó fi dín sí ọgọ́rùn-ún ni 36. Èyí ni mo ń pè ní ìdínkù aláfiwé, nítorí pé ewu ni a fi wé ewu, kì í ṣe ènìyàn ni a kà.

Òǹkàwé tí ó bá fẹ́ dán ìpolówó náà wò yóò rí ohun kan tí ó lè rú u lójú. Bí a bá ti 3 dé 2, ìdá kan nínú mẹ́ta ni ó lọ, èyí sì jẹ́ bíi 33, kì í ṣe 36. Kì í ṣe pé wọ́n parọ́. 1.93 ni wọ́n sọ di 2 nínú àlàyé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n iye tí wọn kò tíì gé ni wọ́n fi ṣírò 36. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò rò pé kò sí ohun tí ó so àlàyé náà mọ́ àkọlé, yóò sì gbójú kúrò lára èyí tí ó wúlò jù nínú méjèèjì.

Ẹ fojú inú wò ó ní ọjà Daagbé. Kí a mú ọgọ́rùn-ún ènìyàn jókòó síbẹ̀, tí gbogbo wọn jọ àwọn tí wọ́n wà nínú ìwádìí náà, kí a sì ṣọ́ wọn fún ọdún mẹ́ta àti díẹ̀. Bí wọn kò bá lo oògùn náà, ẹni mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún nínú wọn kò ní rí ìkọlù ọkàn, ẹni mẹ́ta ni yóò rí i. Bí gbogbo wọn bá lò ó lójoojúmọ́, àwọn mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún náà kò ní rí i bákan náà, ẹni méjì yóò sì rí i bí wọ́n tilẹ̀ lo oògùn. Ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀ràn rẹ̀ yí padà. A kò lè nàka sí onítọ̀hún, òun alára kò sì lè mọ̀ pé òun ni. Hóró oògùn tí gbogbo wọn ti gbé mì nígbà náà ti lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún.

N kò sọ èyí láti pe oògùn náà ní asán. Ìkọlù ọkàn kan tí kò ṣẹlẹ̀ mọ́ jẹ́ ẹ̀mí ènìyàn kan, ìlú mìíràn sì lè sọ pé ó tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó gbọ́ "ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún" àti ẹni tí ó gbọ́ "36 nínú ọgọ́rùn-ún" kò ní ta iye àgbá epo kan náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun kan náà ni a sọ fún àwọn méjèèjì.

3. Ohun tí gírámà wa ń béèrè

Kí ni ó dé tí òǹkàwé tí ó mọ ìṣirò fi ka 36 ènìyàn níbi tí a kò ti dárúkọ ènìyàn? Àwọn kan yóò ní àìfarabalẹ̀ ni. Èrò tèmi ni pé ìfarabalẹ̀ gan-an ni ó fà á. Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn náà bí a ti máa ń túmọ̀ rẹ̀:

(1) Ó ń dín ewu ìkọlù ọkàn kù ní ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ní Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí a fi ń pe àmì % ti dà bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tí ó ń sọ ọ́ kì í rántí pé "ọgọ́rùn-ún" wà nínú rẹ̀, kì í sì í béèrè pé ọgọ́rùn-ún kí ni. Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. "Nínú" ni a lò, inú sì gbọ́dọ̀ jẹ́ inú nǹkan. "Ọgọ́rùn-ún" jẹ́ òǹkà tí ó ń retí ọ̀rọ̀ orúkọ: ọgọ́rùn-ún iṣu, ọgọ́rùn-ún ilé, ọgọ́rùn-ún ènìyàn. A lè pa ọ̀rọ̀ orúkọ náà jẹ bí ẹni tí ń gbọ́ wa bá ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Bí mo bá wà ní ìdí iṣu tí mo ní "ogún nínú ọgọ́rùn-ún ti jẹrà", kò sí ẹni tí yóò béèrè pé ogún kí ni. Ìpajẹ yìí bófin mu nítorí pé iṣu wà nílẹ̀, gbogbo wa sì ń wò ó.

Nínú (1), ọ̀rọ̀ orúkọ ti di pípajẹ, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó wà nílẹ̀ tí a jọ ń wò. Òǹkàwé gbọ́dọ̀ wá nǹkan fi dí àyè náà. Ẹni tí kò bìkítà yóò kàn gbọ́ pé oògùn náà dára, yóò sì kọjá lọ. Ẹni tí ó fara balẹ̀ ni yóò tẹ̀lé òfin gírámà, tí yóò wá ọ̀rọ̀ orúkọ tí ó bá a mu ní àyíká. Kí ni ó sì wà ní àyíká ìpolówó oògùn? Àwòrán ènìyàn, ọ̀rọ̀ tí a ń bá ènìyàn sọ, àti bàbá tí ó jókòó nínú ilé. "Ọgọ́rùn-ún ènìyàn" ni yóò fi dí i. Bí gbólóhùn (1) ṣe di ìtumọ̀ (2) nìyẹn:

(2) Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí wọ́n bá lò ó, 36 ni yóò bọ́ lọ́wọ́ ìkọlù ọkàn.

Ìtumọ̀ tí ó tọ́ kò jọ èyí rárá:

(3) Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ìkọlù ọkàn ìbá mú bí wọn kò bá lò ó, 36 ni kò ní mú mọ́.

Ìyàtọ̀ (2) àti (3) wà nínú awẹ́ gbólóhùn asàpèjúwe kan ṣoṣo, "tí ìkọlù ọkàn ìbá mú". Awẹ́ gbólóhùn yẹn ni ó sọ ọgọ́rùn-ún náà di ọgọ́rùn-ún àwọn tí ewu ti kọ orúkọ wọn. Nínú ìwádìí yìí, ó tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ó lé díẹ̀ ènìyàn tí a ní láti kó jọ kí a tó lè rí ọgọ́rùn-ún irú wọn. Ohun tí a pajẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ lásán, ẹ̀yán rẹ̀ ni ó gbé gbogbo ìtumọ̀ lọ.

Gbólóhùn (1) jẹ́ pọ́n-na, nígbà náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú pọ́n-na tí a fi ń dánrawò ní kíláàsì, níbi tí ìtumọ̀ méjèèjì ti ń jà fún àyè ní ojú kan náà. Níhìn-ín, ìtumọ̀ tí kò tọ́ rọrùn láti dé, ìtumọ̀ tí ó tọ́ sì nílò ohun tí ẹni tí ó kọ ọ́ nìkan ní lọ́wọ́. Òǹkàwé kò lè mọ̀ pé òun ti yan ọ̀kan, nítorí náà kò lè béèrè èkejì.

4. Mẹ́rìndínlógójì

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé ọ̀rọ̀ ìṣe tí ìpolówó náà gbára lé, "dín", wà nínú òǹkà wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Bí a bá ka 36 ní Yorùbá, a ó ní mẹ́rìndínlógójì. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni ó mọ bí a ṣe ń tú u: mẹ́rin dín ní ogójì. Iye tí a yọ wà níbẹ̀, mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ ìṣe wà níbẹ̀, dín. Ohun tí a ti yọ ọ́ náà wà níbẹ̀, ogójì. Kò sí ẹni tí ó lè sọ "mẹ́rìndín" kí ó sì dákẹ́. Òǹkà tí kò bá ní ìpìlẹ̀ kì í ṣe òǹkà rárá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ní ọjà. Bí ìyá oníṣòwò bá ní, "Mo dín ọgọ́rùn-ún fún ọ," oníbàárà kò nílò àlàyé, nítorí pé iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè ni wọ́n ti ń ná an bọ̀. Bí oníbàárà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò tíì gbọ́ iye kankan, ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè ni, "Ẹẹ́lòó ni tẹ́lẹ̀?" Kò ní ná owó rẹ̀ lórí "mo dín in" nìkan. Ẹni tí ó ń ta gàrí lè dín ìdajì owó, kí ó sì jẹ́ pé owó kékeré ni. Ẹni tí ó ń ta ilẹ̀ lè dín ìdá kan nínú ogún, kí ó sì tó kọ́ yàrá kan.

Ìpolówó oògùn ń lo "dín" bí ẹni pé a ti ná ọjà náà tẹ́lẹ̀. Ó fún wa ní 36, tí ó jẹ́ pé nínú orúkọ rẹ̀ gan-an a gbọ́ ohun tí a ti dín mẹ́rin, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ ohun tí a ti dín 36 fúnra rẹ̀. Ìpìlẹ̀ yẹn ni 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n lè ṣírò ìyókù: ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún ti 3 jẹ́ bíi 1. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò lè ṣírò ohunkóhun, bí ó ti wù kí ó mọ ìṣirò tó.

5. Àmì tí kò ní ohùn

Àwọn kan yóò sọ pé ilé iṣẹ́ náà kọ ọ́ sísàlẹ̀, kí ni a tún ń wá? Àtakò yìí lágbára, kò sì yẹ kí a fò ó. Àlàyé náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó sì kún ju ohun tí ọ̀pọ̀ ìpolówó ń fún wa lọ. Nínú àlàyé yẹn gan-an ni àwọn tí wọ́n ṣe lámèyítọ́ ìpolówó náà nígbà náà ti rí ohun tí wọ́n fi bá a jà. Ní oṣù kìíní ọdún 2008, ìwé ìròyìn BusinessWeek fi iye méjèèjì hàn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó sì ṣàlàyé pé ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni yóò lo oògùn kí ẹnì kan tó jàǹfààní.

Ìdáhùn mi ni pé àmì ìràwọ̀ kò ní ohùn. Ojú ni ó ń rí i, ẹnu kì í pè é. Bí wọ́n bá ka gbólóhùn náà lórí rédíò, bí ọmọ bá kà á fún ìyá rẹ̀, bí ẹnì kan bá gbà á sílẹ̀ sórí fóònù ránṣẹ́ sí ẹbí, 36 yóò dé ibẹ̀, ìràwọ̀ kò ní dé ibẹ̀. Ní àwùjọ tí ìwé kì í ti í dúró sójú ìwé, tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà ni ó ń sọ ọ́ fún ẹni tí yóò lò ó, àlàyé tí ó rọ̀ mọ́ àmì aláìlóhùn dà bí àlàyé tí a kò ṣe. Yàtọ̀ sí èyí, gbólóhùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ kò lo irú òǹkà kan náà. Ti òkè ka ewu, ti ìsàlẹ̀ ka ènìyàn, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan láàárín wọn tí ó sọ bí a ti rìn láti 3 àti 2 dé 36.

Ohun tí ó wá dá ìpolówó Jarvik dúró ní oṣù kejì ọdún 2008 kì í ṣe ọ̀rọ̀ yìí. Ìgbìmọ̀ kan ní ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ti ń wádìí rẹ̀ nítorí pé Jarvik kò ní ìwé àṣẹ láti máa tọ́jú aláìsàn, wọ́n sì ti rí i pé ẹlòmíràn ni ó wa ọkọ̀ ojú omi dípò rẹ̀ nínú fíìmù ìpolówó náà. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ dá ìpolówó náà dúró, kì í ṣe ohun tí ó sọ. Iṣẹ́ lámèyítọ́ wa ni láti má jẹ́ kí gbólóhùn náà bá ẹni tí ó sọ ọ́ lọ.

6. Ibi tí ìdínkù aláfiwé ti wúlò

Kò yẹ kí a tìtorí èyí sọ pé iye oníye orí nìkan ni òótọ́. Iye aláfiwé ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ó máa ń sún mọ́ ara rẹ̀ bí a bá gbé oògùn kan náà láti àárín àwọn tí ewu wọn kéré lọ sí àárín àwọn tí ewu wọn pọ̀, nígbà tí iye oníye orí máa ń yí padà pátápátá. Nítorí èyí ni dókítà fi nílò rẹ̀: yóò ṣírò ìpìlẹ̀ ewu aláìsàn tí ó jókòó síwájú rẹ̀, yóò sì fi iye aláfiwé náà bù ú.

Ẹ wo ìwádìí mìíràn lórí sítátìn, tí a ń pè ní 4S, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1994. Àwọn ènìyàn 4,444 tí àrùn ọkàn ti ń bá jà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ṣọ́, fún ọdún márùn-ún àti díẹ̀. Ikú ni wọ́n kà níbẹ̀. Nínú àwọn 2,223 tí kò lo oògùn, 256 kú, bíi 11.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú 2,221 tí wọ́n lò ó, 182 kú, bíi 8.2. Ìdínkù aláfiwé rẹ̀ jẹ́ bíi 30 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí ó kéré sí 36. Ṣùgbọ́n ìdínkù oníye orí rẹ̀ lé ní 3, ó ju ìlọ́po mẹ́ta ti ìkíní lọ nípa orí tí a kò pàdánù, tí ó sì jẹ́ pé ikú gan-an ni a kà. Nǹkan tí a kà nínú méjèèjì kò dọ́gba, ọdún wọn kò sì dọ́gba, nítorí náà a kò lè fi wọ́n díje gẹ́gẹ́. Síbẹ̀, bí a bá gbé 36 àti 30 sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí pátákó ìpolówó, gbogbo ẹni tí ń kọjá ni yóò nawọ́ sí 36.

Ààlà kan tún wà. Ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn tí wọ́n wà nínú ìwádìí méjèèjì jẹ́ ará Yúróòpù. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo iye wọn fún bàbá kan ní Daagbé lè yá iye aláfiwé lọ́wọ́ wọn, kí ó sì mọ̀ pé ó yá a ni. Ìpìlẹ̀ kò ṣeé yá. Ó gbọ́dọ̀ ti ara bàbá náà wá, láti inú ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, àti ohun tí dókítà bá rí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

7. Bí a ṣe lè kọ ọ́

Ìlànà CONSORT ti ọdún 2010, tí ó ń tọ́ àwọn tí ń kọ àbájáde ìwádìí ìṣègùn sọ́nà, dábàá pé kí a fi iye méjèèjì hàn, ti aláfiwé àti ti oníye orí, níbi tí ohun tí a kà bá jẹ́ bẹ́ẹ̀-ni tàbí bẹ́ẹ̀-kọ́. Èyí tọ́ fún àwọn oníṣègùn. Fún àwa tí a ń túmọ̀ tí a sì ń kọ́ni ní ìtumọ̀, mo rò pé èdè wa ti fún wa ní ìlànà tí ó rọrùn láti rántí: kí a má ṣe kọ "dín" láìjẹ́ pé ohun tí a dín ín kúrò nínú rẹ̀ wà nínú gbólóhùn kan náà, bí ogójì ti wà nínú mẹ́rìndínlógójì. Bí a bá sì kọ "nínú ọgọ́rùn-ún", kí ọ̀rọ̀ orúkọ àti ẹ̀yán rẹ̀ tẹ̀lé e. Báyìí ni èmi ìbá ṣe kọ gbólóhùn (1):

(4) Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ewu mẹ́ta mìíràn, ẹni mẹ́ta ni ìkọlù ọkàn mú láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́ta nígbà tí wọn kò lo oògùn náà; ẹni méjì ni ó mú nígbà tí wọ́n lò ó.

Ó gùn ju (1) lọ, kò sì lè wọ ojú pátákó. Ṣùgbọ́n a lè kà á sókè láìsí pé nǹkankan jábọ́ nínú rẹ̀, ẹni tí ó gbọ́ ọ sì lè tún un sọ fún ẹlòmíràn. Kò sí àmì ìràwọ̀ nínú rẹ̀. Kò tilẹ̀ sí "dín" nínú rẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ ọ ni yóò dín in fúnra rẹ̀.

Mo kọ (4) sí ẹ̀yìn ìwé pélébé ẹ̀gbọ́n mi ní ọjọ́ náà, mo sì sọ fún un pé oògùn mìíràn ni ti ibẹ̀, nítorí náà iye rẹ̀ lè yàtọ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò sọ pé òun kò ní ra oògùn náà, èmi náà kò sì sọ fún un pé kí ó má rà á. Ó fa ìlà sábẹ́ "ẹni mẹ́ta", ó sì ní, "Ti Bàbá ńkọ́? Èló ni tiwọn?" Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ìbéèrè yẹn ni ó gbé lọ bá dókítà.